Bébà Òfìfo àti Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà: Mímúra Ìdánwò Anátọ́mì Tí A Kò Ní Ṣí Ìwé

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti ti nọ́ọ̀sì sọ níhìn-ín ní Òṣogbo nìyí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí kò ráàyè wá ní kí n jẹ́ kí àwọn náà rí i kà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù fún yín kí ìdánwò lórí apá àti ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ìwé á wà ní pípadé. Ẹni tó ń dán yín wò kò ní ṣí átílásì síwájú yín kó wá bi yín pé ṣé ẹ ti rí àwòrán yìí rí. Bébà òfìfo ni yóò fún yín, yóò ní kí ẹ ya nẹ́ẹ̀fù, kí ẹ sọ ibi tó ti wá, ibi tó gbà, iṣan tó ń bá ṣiṣẹ́, àti ohun tí aláìsàn kò ní lè ṣe mọ́ bí ó bá gé. Tó bá di ti sìtípùù-ṣéèsì, wọ́n á ti gún abẹ́rẹ́ mọ́ ara òkú, ẹ ó dúró níwájú rẹ̀, ẹ ó kọ orúkọ ohun tí abẹ́rẹ́ náà gún, agogo á dún, ẹ ó sún síwájú. Kò sí ibi kankan nínú gbogbo èyí tí wọ́n ti ní kí ẹ kàwé.

Síbẹ̀, bí mo bá wo bí ọ̀pọ̀ yín ṣe ń múra, ìwé kíkà náà ni. Ẹ ó ka nóòtù, ẹ ó fi bírò aláwọ̀ ìyeyè fa ilà sábẹ́ ẹ̀, ẹ ó tún un kà lálẹ́ ọjọ́ kejì, ojú yín á sì ti mọ ojú ewé náà débi pé ẹ mọ̀ pé àwòrán abíyá wà lápá òsì nísàlẹ̀. Ojú tó mọ ojú ewé yẹn ló ń tan yín. Ó ń jọ ìmọ̀, nítorí pé gbogbo ohun tí ẹ bá kà á dà bí ohun tí ẹ ti mọ̀. Ìgbà tí ẹ bá pa ìwé dé tí ẹ sì gbìyànjú láti sọ ọ́ lẹ ó tó mọ ohun tó wà lórí yín gan-an.

Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá méjì, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, gbé ìwádìí kan jáde láti Yunifásítì Washington ní ìlú St. Louis. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà méjì. Ọ̀kan, wọ́n ní kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì tún un kà. Èkejì, wọ́n ní kí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n gbé e kúrò, kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rántí nínú rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán àwọn kan wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àyọkà tí wọ́n tún kà ni wọ́n rántí jù: wọ́n rántí 81 nínú 100 níbẹ̀, wọ́n sì rántí 75 nínú èyí tí wọ́n kọ láti orí. Àwọn tí wọ́n dán wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni ọ̀rọ̀ yí padà fún. Wọ́n ṣì rántí 56 nínú àyọkà tí wọ́n kọ láti orí, èyí tí wọ́n tún kà sì ti já sí 42. Ẹ sì kíyè sí i pé kò sẹ́ni tó fi ìdáhùn hàn wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n kọ ọ́ tán. Iṣẹ́ tí orí ṣe láti fa ọ̀rọ̀ náà jáde ló mú un dúró.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kíkà ló borí. Ìdí nìyẹn tí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò fi máa ń búra pé ọ̀nà tòun dára. Ohun tó kà lálẹ́ yẹn lè bá a dé gbọ̀ngàn. Ohun tó kà lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni kò ní bá a débẹ̀, bẹ́ẹ̀ apá nìkan gan-an, kò sẹ́ni tó lè kà á tán lálẹ́ ọjọ́ kan.

N ò ní sọ̀rọ̀ lórí gbogbo anátọ́mì. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mú, ká tẹ̀ lé e láti ọjọ́ tí ẹ kọ́ ọ dé ọjọ́ ìdánwò. Mo mú ìdìpọ̀ nẹ́ẹ̀fù tó ti ọrùn gba abíyá bọ́ sínú apá, èyí tí àwọn ìwé yín ń pè ní bírékíà pílẹ́kísọ̀sì. Mo mú un nítorí òun ló ń bà yín lẹ́rù jù, àti nítorí pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n láti orí ti mọ ìdajì ohun tí wọ́n lè bi í lórí apá.

Ẹ jẹ́ ká rántí bó ṣe rí. Gbòǹgbò márùn-ún ló ti inú ọ̀pá ẹ̀yìn jáde: C5, C6, C7, C8 àti T1. Àwọn gbòǹgbò yìí para pọ̀ di ìtì mẹ́ta. C5 àti C6 di ìtì òkè, C7 dá dúró gẹ́gẹ́ bí ìtì àárín, C8 àti T1 di ìtì ìsàlẹ̀. Ìtì kọ̀ọ̀kan pín sí méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ìyẹn ni ìpín mẹ́fà. Àwọn ìpín mẹ́fà yìí tún para pọ̀ di okùn mẹ́ta. Gbogbo ìpín ẹ̀yìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló di okùn ẹ̀yìn. Ìpín iwájú ti ìtì òkè àti ti àárín di okùn ìta, ìpín iwájú ti ìtì ìsàlẹ̀ sì dá nìkan di okùn inú. Láti ara okùn wọ̀nyí ni ẹ̀ka ńlá márùn-ún ti jáde. Okùn ẹ̀yìn bí ásílárì àti rédíà. Okùn ìta bí mọ́síkúlò-kùténíọ̀sì. Okùn inú bí ọ́línà. Okùn ìta àti okùn inú sì dá owó jọ bí mídíánì.

Ká sọ pé ọjọ́ Ajé ni wọ́n kọ́ yín. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ìfarabalẹ̀ títí yóò fi yé yín. Mo tẹnu mọ́ kó yé yín, nítorí ohun tí kò yé ènìyàn, fífà á yọ kò lè sọ ọ́ di ohun tó yé e. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ìwé dé, ẹ gbé e kúrò lórí tábìlì pátápátá, ẹ mú bébà òfìfo àti bírò dúdú. Ẹ fún ara yín ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ ya á láti gbòǹgbò dé ẹ̀ka, ẹ kọ orúkọ sí i. Ibi tí ẹ bá dé tí orí bá dúró, ẹ má tíì yẹ ìwé wò. Ẹ jókòó tì í fún bí ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá wá, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, ẹ máa bá a lọ. Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá pé lẹ ó tó ṣí ìwé, ẹ ó mú bírò pupa, ẹ ó fi tún gbogbo àṣìṣe ṣe, ẹ ó sì fi kún ibi tó ṣófo.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan gbà mí láyè kí n fi bébà rẹ̀ hàn yín láìdárúkọ rẹ̀. Bébà ọjọ́ Ajé rẹ̀ pupa fòò. Gbòǹgbò márààrún pé, ìtì pé. Níbi ìpín ló ti dàrú: ó fa ìpín iwájú ti ìtì àárín lọ sí okùn inú, ó sì jẹ́ kí mídíánì ti okùn ìta nìkan wá. Wàá rò pé ọjọ́ burúkú nìyẹn fún un. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ibi méjì péré ni wàhálà wà nínú ohun tí gbogbo ènìyàn ń pè ní òkè ìṣòro, kò sì sí iye ìgbà tí ì bá ka ojú ewé yẹn tí ì bá fi ibi méjèèjì hàn án.

Ó tún un yà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò kọ́kọ́ ka ìwé. Èyí ṣe pàtàkì: bí ẹ bá kà á kí ẹ tó yà á, ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kà lẹ ń ṣe àdàkọ, ẹ ò fa nǹkan kan yọ. Mídíánì ti dára. Okùn inú ṣì dàrú. Ní ọjọ́ Ẹtì, gbogbo rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ó gbàgbé nẹ́ẹ̀fù kékeré tó ti C5, C6 àti C7 jáde tààrà lọ sí iṣan sẹ́rátọ̀sì, èyí tó ń di palaba èjìká mọ́ ẹ̀gbẹ́. Bó bá gé, palaba èjìká á yọ síta bí ìyẹ́ ẹyẹ nígbà tí aláìsàn bá fi ọwọ́ ti ògiri. Lẹ́yìn ọjọ́ Ẹtì yẹn, kò fọwọ́ kàn án mọ́ títí di Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹrin. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ìdánwò bọ́ sí ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e.

Ẹ bá mi ka àlàfo tó wà láàárín wọn: ọjọ́ kan, ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́fà, ọjọ́ mọ́kànlá, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Ó ń gùn sí i. Kì í ṣe pé nọ́ńbà wọ̀nyí ní agbára kan lọ́tọ̀. Bí mẹ́fà bá di méje nítorí òkú agbo ilé, kò bà jẹ́. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ìgbàgbé ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó padà sí i, kí orí lè ṣiṣẹ́ kó tó rí i mú. Ìlú aró la wà níbí. Ẹ wo ìyá aláró lẹ́nu iṣẹ́: kì í ri aṣọ sínú ìkòkò kó wá fi í sílẹ̀ síbẹ̀ títí yóò fi dú. Á rì í, á fà á yọ, á jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, torí atẹ́gùn ló ń sọ àwọ̀ ewé tó bá aṣọ jáde di búlúù, kó tó tún un rì. Àsìkò tí aṣọ fi wà níta ìkòkò wà lára aró náà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọjọ́ tí ẹ ò fọwọ́ kan ìdìpọ̀ nẹ́ẹ̀fù yìí wà lára kíkọ́ rẹ̀.

Ohun tí yóò kọ́kọ́ dẹ́rù bà yín ni pé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì yẹn, ẹ ó jókòó síwájú bébà, ẹ ó sì rí i pé ó nira ju ti ọjọ́ Ẹtì lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi ọ̀nà yìí sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́, wọ́n á padà sí nóòtù tó rọrùn fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bó bá rọrùn jù, ẹ tètè padà nìyẹn. Bí ìdajì rẹ̀ bá ti sọnù, ẹ pẹ́ jù nìyẹn, kí ẹ dín àlàfo tó kàn kù. Ohun tí mo fi ń díwọ̀n ni pé bí ẹ bá ń rántí bí mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá pẹ̀lú ìsapá, àlàfo yín dára.

Ní báyìí, yíya àwòrán nìkan kò tó. Àwòrán ń kọ́ yín bí ìdìpọ̀ náà ṣe so pọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè ìdánwò kì í bẹ̀rẹ̀ láti gbòǹgbò. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ aláìsàn. Iṣẹ́ káàdì nìyẹn. Ẹ ra páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ gé e sí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, ẹ kọ ìbéèrè sójú kan, ẹ kọ ìdáhùn sẹ́yìn. Ẹni tó bá ní fóònù lè lo Anki, èyí tí wọ́n ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ sórí Android ní orúkọ AnkiDroid. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ka àlàfo fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ páálí lè lo àpótí márùn-ún, bí òǹkọ̀wé Sebastian Leitner ṣe là á sílẹ̀ láti bí ọdún 1972: káàdì tí ẹ bá gbà sún sí àpótí tó kàn, níbi tí àlàfo ti gùn jù, èyí tí ẹ bá kùnà padà sí àpótí àkọ́kọ́. Méjèèjì dára. Bí iná bá ṣe ń ṣe yín sí ni kí ẹ fi yàn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ ni bí wọ́n ṣe ń kọ káàdì. Mo ti rí káàdì tí wọ́n kọ "Ṣàpèjúwe nẹ́ẹ̀fù rédíà" sí lójú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì kún dẹ́múdẹ́mú. Káàdì bẹ́ẹ̀ kò ṣe é gbà, kò sì ṣe é kùnà. Ẹ ó rántí apá kan, ẹ ó gbàgbé apá kan, ẹ ó yẹ ẹ̀yìn wò, ẹ ó ní "áà, mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀," ẹ ó sún un síwájú. Ohun tí ẹ gbàgbé ti sá mọ́ yín lọ́wọ́ nìyẹn. Ohun kan ni kí káàdì kan máa bèèrè.

Ẹ wò ó báyìí. Ọlọ́kadà kan ṣubú, egungun apá òkè rẹ̀ kán ní agbedeméjì. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní kó gbé ọwọ́ sókè láti ọrùn-ọwọ́, ọwọ́ náà ń rọ̀ wálẹ̀ ni. Káàdì àkọ́kọ́: nẹ́ẹ̀fù wo? Rédíà. Káàdì kejì: kí ló dé tó fi jẹ́ òun? Nítorí pé ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn egungun yẹn, ó yí i ká nínú ojú ọ̀nà kan, òun pẹ̀lú òpó ẹ̀jẹ̀ tó jìn sínú apá. Káàdì kẹta: ṣé ó ṣì lè na ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀? Ó sábà máa ń lè ṣe é, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka tó lọ sí iṣan tíráísẹ́ẹ̀pù ti yà kúrò kí nẹ́ẹ̀fù náà tó wọ ojú ọ̀nà yẹn. Káàdì kẹrin: ibo ni ara rẹ̀ ti kú tí kò mọ ìfọwọ́kàn? Ẹ̀yìn ọwọ́, láàárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e. Káàdì karùn-ún: okùn wo ni nẹ́ẹ̀fù yìí ti wá? Okùn ẹ̀yìn.

Káàdì kẹta yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tó há "rédíà ló ń bá tíráísẹ́ẹ̀pù ṣiṣẹ́" sórí lásán yóò dáhùn pé kò lè na ìgbọ̀nwọ́, yóò sì kùnà, bẹ́ẹ̀ ohun tó há sórí kì í ṣe irọ́. Ìbéèrè tó bèèrè ìdí ló ń fi irú ihò bẹ́ẹ̀ hàn. Ẹ jẹ́ kí káàdì tó ń bèèrè "kí ló dé" pọ̀ nínú àpótí yín.

Àwọn àṣìṣe kan wà tí wọn kì í ṣe ti ìgbàgbé rárá. Ìpààrọ̀ ni wọ́n. Ásílárì àti rédíà, inú okùn kan náà ni wọ́n ti wá, egungun apá òkè kan náà ni àwọn méjèèjì sì sún mọ́, nítorí náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń fi ọ̀kan pe èkejì. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ti pààrọ̀ ohun méjì lẹ́ẹ̀mejì, káàdì tí ẹ kọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ní wò ó sàn. Ẹ kọ káàdì tó gbé àwọn méjèèjì kojú ara wọn: egungun apá òkè kán lọ́rùn, lẹ́bàá èjìká, nẹ́ẹ̀fù wo, ó kán láàárín, nẹ́ẹ̀fù wo? Ti ọrùn, ásílárì ni, aláìsàn kò ní lè gbé apá sẹ́gbẹ̀ẹ́ dáadáa nítorí iṣan délítọ́ìdì. Ti àárín, rédíà ni.

Ẹ máa sọ ìdáhùn síta, tàbí kí ẹ kọ ọ́, kí ẹ tó yí káàdì padà. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu tí kò jáde, ẹ kà á sí ohun tí ẹ kùnà. Lórí Anki, `Again` ni kí ẹ tẹ̀, kì í ṣe `Good`. Mo mọ̀ pé ó dunni láti tẹ̀ ẹ́ nígbà tó jẹ́ pé ó ku díẹ̀ kó jáde. Ṣùgbọ́n níwájú abẹ́rẹ́ inú òkú, kò sí àmì ayò fún "ó ku díẹ̀". Bí káàdì kan bá sì ń padà wá léraléra, tí ẹ ń kùnà rẹ̀ lójoojúmọ́, káàdì náà ló ní àrùn. Anki fúnra rẹ̀ máa ń fi àmì sí irú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti kùnà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Ẹ fà á ya sí méjì, tàbí kí ẹ padà sí ìwé torí kò tíì yé yín.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iye, torí ibẹ̀ ni ìtara ti ń pa ènìyàn. Bí ẹ bá ń kọ káàdì tuntun mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́, tí ẹ sì ń tẹ̀ lé àlàfo tí mo sọ, nígbà tó bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti òní á wà níwájú yín, ti àná á wà níbẹ̀, ti ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn, ti ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn, àti ti ọjọ́ mọ́kànlélógún sẹ́yìn. Ìyẹn jẹ́ 75, kí ẹ fi àwọn tí ẹ kùnà kún un, ó di bí 80. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gbà yín ní ìṣẹ́jú àáyá ogún, kò tó ìdajì wákàtí. Ẹni tó fi ìtara kọ àádọ́ta lójúmọ́, tiẹ̀ á ju 250 lọ, wákàtí kan àtààbọ̀ ti lọ kó tó ka ohun tuntun kankan. Ọjọ́ kan tó bá rẹ̀ ẹ́, ó di 500. Ibẹ̀ ló máa ń parí sí. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún tó. Ní ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á fún yín ní 360, ìyẹn sì pọ̀ fún apá àti ọwọ́. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún àti ìkẹfà, ẹ má kọ káàdì tuntun mọ́ àyàfi fún àṣìṣe tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú, torí káàdì tó bá wọlé lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn kò ní ráàyè gba àlàfo kankan.

Ibi tí káàdì kò lè dé wà, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde níbí láìgbọ́ ọ. Nínú átílásì, àwọ̀ ìyeyè ni nẹ́ẹ̀fù, pupa ni òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ, búlúù ni èyí tó ń gbé e bọ̀. Nínú òkú, gbogbo wọn ló ní àwọ̀ eérú, wọ́n lẹ̀ mọ́ra, ọ̀rá sì bo àwọn kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ gbogbo káàdì rẹ̀ lè dúró níwájú abíyá òkú kó má dá ohunkóhun mọ̀. Nítorí náà, ẹ gbé ọ̀nà kan náà lọ sí yàrá tí a ti ń la òkú. Kí ẹnìkan mú ọ̀pá tín-ín-rín, kó tọ́ka sí nǹkan láìsọ̀rọ̀. Kí ẹnìkejì sọ orúkọ rẹ̀, kó sì sọ ohun tó fi mọ̀ ọ́n. Gbólóhùn kejì yẹn lẹ ń wá. "Mọ́síkúlò-kùténíọ̀sì ni" kò tó. "Mọ́síkúlò-kùténíọ̀sì ni, nítorí mo rí i tó lu iṣan kọ́rákò-bìrékíálíìsì já," ìyẹn ló tó. Bí ẹ bá wo iwájú òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá inú abíyá, ẹ ó rí i pé mọ́síkúlò-kùténíọ̀sì, ẹsẹ̀ méjèèjì mídíánì, àti ọ́línà tò bí lẹ́tà M. Ẹni tó bá ti rí M yẹn lára òkú fúnra rẹ̀, tó sì tún wá a rí láìsí ìrànlọ́wọ́ lọ́sẹ̀ kejì, abẹ́rẹ́ kan kò ní dà á láàmú níbẹ̀. Ẹ yí òkú padà nígbà mìíràn: apá ọ̀tún lónìí, apá òsì lọ́la, kí ẹ má baà máa dá òkú kan ṣoṣo mọ̀ dípò nẹ́ẹ̀fù.

Nígbà tí mo parí, àwọn kan béèrè ọ̀rọ̀, mo sì fẹ́ kọ méjì nínú rẹ̀ síhìn-ín.

Ọ̀kan lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èmi, ọ̀sẹ̀ méjì ló kù fún ìdánwò tèmi. Ṣé kí n kúkú máa kàwé lọ ni?" Mo ní rárá, kó dín iye ohun tó fẹ́ mọ̀ kù, kó dín àlàfo náà kù. Ya á lónìí, tún un yà lọ́la, tún un yà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, tún un yà lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, kó fi ìkẹyìn sí ọjọ́ méjì ṣáájú ìdánwò. Kó yan ìdìpọ̀ nẹ́ẹ̀fù, ẹ̀ka ńlá márùn-ún pẹ̀lú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gé, àti òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá apá. Kó fi àwọn iṣan kéékèèké inú àtẹ́lẹwọ́ sẹ́yìn. Ó dun un láti fi wọ́n sílẹ̀, mo sì rí i lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì kò gbà ju ìyẹn lọ.

Ìkejì béèrè ohun tí òun máa ṣe lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ìdánwò bá di ọ̀la. Mo ní kó kó gbogbo bébà tó ti yà láti ọ̀sẹ̀ kìíní jọ, kó wo bírò pupa nìkan. Ibi tó bá pupa lórí bébà ju ẹyọ kan lọ, kó mú bébà òfìfo, kó ya ibẹ̀ nìkan láti orí lẹ́ẹ̀kan, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó tún un ṣe. Fún akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí mo fi bébà rẹ̀ hàn yín, ohun tó kù lálẹ́ yẹn kò ju okùn inú àti nẹ́ẹ̀fù sẹ́rátọ̀sì lọ. Ó yà wọ́n tán kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ó sì lọ sùn.